Báà méjì tí kò ṣeé pín sí mẹ́ta, àti ẹgbẹ̀rún èèyàn tó tẹ̀ lé e wá

Lọ́dọọdún, ibì kan náà ni àwọn ọmọ SS2 mi ti máa ń dákẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Òṣogbo ni mo ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò láti ọdún 2011. Ẹ ní kí wọ́n fi tébù lọ́gù wá ∛0.0356. Wọ́n á wo 35 lápá òsì tébù, wọ́n á fi ìka tọ ìlà náà dé abẹ́ 6, wọ́n á bá 5514 níbẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé òdo kan ló wà láàárín ojú àmì àti 3, nítorí náà báà méjì, ìyẹn 2 tó ru ìlà lórí láti fi hàn pé òun nìkan ló jẹ́ òdì, ni wọ́n á kọ síwájú rẹ̀: 2̄.5514. Ariwo ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn títí débẹ̀. Bí mo bá wá ní, "Ó yá, ẹ pín in sí mẹ́ta," kíláàsì á pa lọ́lọ́.

Ẹni tó bá láyà nínú wọn á pín in bí ẹni pín nọ́ńbà lásán. Á kọ 0.8505, á lọ sí tébù ántílọ́gù, á sì mú 7.087 wá fún mi. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá dúró wo ìdáhùn yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún á rí i pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. 7 lọ́nà 7 lọ́nà 7 ti di 343. Báwo ni yóò ṣe jẹ́ pé nǹkan tí kò tó ìdá kan nínú ogún la fi irú nọ́ńbà yẹn bí? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kì í wo ẹ̀yìn wò. Ohun tí tébù bá sọ ni wọ́n gbà.

Orí báà méjì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìkànnì YouTube mi dá lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún méjì kí n tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oṣù Kejì ọdún 2022 ni mo gbé fídíò àkọ́kọ́ sórí YouTube. Ọmọ méjìdínlọ́gọ́rin ló wà ní kíláàsì kan ṣoṣo lọ́dún yẹn, àwọn kan ń jókòó sórí fèrèsé. Bí mo bá ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó wà níwájú gbọ́. Bí mo bá tún un ṣe fún àwọn ẹ̀yìn, agogo á lù. Mo fẹ́ ohun tí ọmọ lè dá padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ nílé, láìsí pé ojú ń tì í láti béèrè.

Mi ò ní owó irinṣẹ́. Mo ní fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán, mo sì ní àpótí oníke tí a fi ń jókòó, irú èyí tó ní ihò láàárín. Mo dojú fóònù dé orí àpótí náà kí ojú kámẹ́rà lè gba inú ihò wo ìsàlẹ̀, mo tẹ́ ìwé sábẹ́ rẹ̀, mo sì ń kọ̀wé níbẹ̀. Kò mì rárá, ó sàn ju kí èèyàn máa gbé fóònù lọ́wọ́ lọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé àpótí náà ń ṣíji bo ìwé. Iná orí àjà kò wúlò, nítorí òkè ló ti ń wá. Ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wọlé. Mo wá gbé gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn, mo sì fi tọ́ọ̀ṣì sí òdìkejì kí òjìji ọwọ́ mi má baà dúdú jù.

Ti ohùn ló le jù. Ní àdúgbò wa, bí wọ́n bá ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ló ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn lè fara da àwòrán tí kò mọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò fara da ohùn tí kò gbọ́. Mo wá sọ aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí di àkókò iṣẹ́, lẹ́yìn ìpè kírun, kí àwọn ọlọ́kọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Mo so íápíìsì fóònù mọ́ ọrùn aṣọ mi, kí ibi tó ń gba ohùn má jìnnà sí ẹnu mi ju ìbú ọwọ́ kan lọ.

Láàárín oṣù kan, èèyàn mọ́kànlélógójì ti tẹ̀ lé ìkànnì náà. Mo mọ gbogbo wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ni, àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, àti àwọn ará ìjọ wa tí mo bẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó dúró. Oṣù Kẹta, 44. Oṣù Kẹrin, 46.

Ohun tí mo ṣe nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn dùn mí di òní. Ẹnì kan fi mí sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí àwọn oníkànnì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀: tẹ̀ lé mi, kí n tẹ̀ lé ọ. Mo jókòó ní alẹ́ bíi mélòó kan, mo ń tẹ̀ lé àwọn alásè, àwọn aláṣọ, àwọn tó ń ta ilẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, 46 di 203. Inú mi dùn, mo sì fi han àwọn ará yàrá tíṣà. Ṣùgbọ́n fídíò tí mo gbé sókè lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn mọ́kànlá péré ló wò ó. Kò sí ìdí tí ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní Ìbàdàn yóò fi wo bí a ṣe ń wá igun obìrípo. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo kà á pé YouTube fúnra rẹ̀ kò fàyè gba irú pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje, ó ti já sí 171, àwọn kan kúrò fúnra wọn, mi ò sì mọ ohun tó mú àwọn yòókù lọ. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé mi ò lè mọ ẹni tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ nínú àwọn tó kù.

Àbúrò mi ọkùnrin ló là mí lójú nígbà tó wá kí wa nínú oṣù Kọkànlá. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ṣí YouTube Studio, ó sì lọ tààrà síbi tí mi ò dé rí. Ojú iye olùtẹ̀lé nìkan ni mo máa ń wò. Òun lọ síbi ìlà tó ń fi hàn bí àwọn èèyàn ṣe ń wo fídíò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," ó ní. "Nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣí fídíò yìí, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kù nígbà tó pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Kí lẹ̀ ń sọ fún wọn láàárín ìgbà yẹn?"

A jọ wò ó. Ìkíni ni. Mo kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo kí àwọn òbí, mo béèrè àlàáfíà, mo sọ orúkọ mi àti ilé ẹ̀kọ́ tí mo jáde, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti ń wò, mo gbàdúrà fún àwọn tó fẹ́ ṣe WAEC, mo wá ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnì. Ìṣẹ́jú kan àti àáyá méjìléláàádọ́ta ló kọjá kí n tó fi bírò kan ìwé.

Mo sọ fún un pé ìwà ọmọlúàbí ni kí èèyàn kí àlejò kó tó bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n wá bá lálejò, ìbéèrè kan ló ká wọn mọ́ ilé, dátà wọn sì ń jó. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ tó ra dátà igba náírà kò lè fi ìdá kan nínú rẹ̀ gbọ́ ìkíni. Láti ọjọ́ yẹn, gbólóhùn kan ni mo fi ń kí wọn, ìbéèrè ló sì ń tẹ̀ lé e. Àdúrà kò kúrò, ó bọ́ sí ìparí.

Àtúnṣe yẹn mú kí àwọn tó ṣí fídíò dúró pẹ́ sí i. Kò mú ẹni tuntun wá. Kí èèyàn tó lè dúró, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ọ̀nà dé, àwọn fídíò mi sì ń jẹ́ "Mathematics Lesson 9: Logarithm (Part 3)". Ta ni yóò tẹ irú rẹ̀ sínú àpótí ìwárí? Orúkọ tí tíṣà fi ń to ìwé rẹ̀ ni. Ọmọ tó wà nínú ìṣòro kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ kẹsàn-án ni òun ń wá.

Mo wá ro ó pé kí ni àwọn ọmọ mi máa ń sọ gan-an bí wọ́n bá wá bá mi ní yàrá tíṣà. Wọn kì í sọ pé lọ́gárídímù kò yé àwọn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Mà, báwo la ṣe ń pín báà méjì sí mẹ́ta?" Nínú oṣù Kìíní ọdún 2023, mo gé ìyẹn nìkan jáde, mo ya á ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, mo sì fún un ní orúkọ tí àwọn fúnra wọn yóò tẹ̀: "How to divide bar 2 by 3 (cube root with log table)".

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ka ìbéèrè, nítorí òun ni wọn yóò bá nínú ìdánwò. Nígbà tí mo dé ibi tí kíláàsì ti máa ń dákẹ́, mo bọ́ sí Yorùbá. Mo ní: ẹ wo 2̄.5514 bí ẹni tó jẹ gbèsè. Báà méjì yẹn ni gbèsè, náírà méjì ló jẹ. 0.5514 yẹn kì í ṣe gbèsè, owó tó wà lápò rẹ̀ ni. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lójú kan náà, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè pín wọn pọ̀ bí nọ́ńbà kan. Àwọn ọmọ mẹ́ta fẹ́ pín ogún yìí, gbèsè àti owó. Gbèsè náírà méjì kò ṣeé pín dọ́gba láàárín ẹni mẹ́ta. Kí ni baba wọn ìbá ti ṣe? Kó tún yá náírà kan sí i. Gbèsè á di mẹ́ta, ṣùgbọ́n náírà tó yá yẹn kò sọnù, àpò rẹ̀ ló wọ̀, nítorí náà 0.5514 á di 1.5514. Ohun tó ní àti ohun tó jẹ, bí a bá ro wọ́n pọ̀, kò yí padà. Báyìí, gbèsè mẹ́ta pín sí mẹ́ta, kálukú gbé ọ̀kan. Owó 1.5514 náà pín sí mẹ́ta, kálukú mú 0.5171.

```
2̄.5514 ÷ 3
= (3̄ + 1.5514) ÷ 3
= 1̄.5171
antilog: 0.3289
```

Mo parí rẹ̀ pẹ̀lú àyẹ̀wò: 0.3289 lọ́nà 0.3289 lọ́nà 0.3289 súnmọ́ 0.0356 gan-an, ìyàtọ̀ kékeré tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti tébù tí ó mọ lórí nọ́ńbà mẹ́rin.

Mo mọ̀ pé fídíò yẹn dára. Ó dá mi lójú ju gbogbo èyí tí mo ti ṣe lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èèyàn mọ́kàndínlógún ló wò ó. Ní oṣù kejì, kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́ ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ. Ó gbéra díẹ̀ nínú oṣù Kẹrin àti Karùn-ún nígbà tí WAEC dé, ó tún sùn. Ìkànnì náà wà ní 236 nígbà tí a gba ìsinmi oṣù Kẹjọ. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ti ń wo àpótí oníke yẹn bí ohun tí a lè fi jókòó padà.

Ohun tí mi ò rò ni pé ẹ̀kọ́ ní àsìkò bí àgbàdo. Sáà kìn-ín-ní ni wọ́n ń kọ́ lọ́gù nọ́ńbà tí kò tó ọ̀kan ní SS2. Oṣù Kìíní ni mo gbé tèmi sókè, nígbà tí kò sí kíláàsì kan tó wà lórí rẹ̀ mọ́. Mo gbin àgbàdo nínú ọyẹ́, mo sì ń bínú pé kò hù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, lẹ́yìn tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, mo ṣí Studio, mo rí i pé èèyàn ogójì ló wò ó lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ kejì, ọgọ́ta. Mo lọ wo ibi tí wọ́n ti ń wá, àpótí ìwárí ni. Studio ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ hàn, mo sì kà á pẹ̀lú omijé lójú: "how to divide bar 2 by 3", "bar 3 divided by 2", "cube root of bar number". Ohùn àwọn ọmọ mi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ọmọ mi.

Nígbà tí oṣù Kẹwàá fi parí, 236 ti di 588. Mo mú ìwé ètò ẹ̀kọ́ sáà kejì jáde, mo wo orí tó ń bọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò kọ̀ọ̀kan sókè ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú kí kíláàsì tó dé ibẹ̀, kí ó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó máa wá a.

Àsìkò yẹn náà ni mo rí i pé iye olùtẹ̀lé kì í sọ gbogbo òótọ́. Ìyá kan tó ń ta ata lọ́jà Ìgbọ̀nà pè mí bí mo ṣe ń kọjá. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn yín nìyí! Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ̀rọ̀ gbèsè nínú fóònù mi." Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò ní fóònù. Tìyá rẹ̀ ló fi ń wò mí lóru, nígbà tí dátà òru bá ti wọlé, òun àti àwọn ọmọ ilé mẹ́ta mìíràn. Lójú YouTube, ẹnì kan ló wò, olùtẹ̀lé kan ló sì wà, ìyá tó ń ta ata. Ọmọ mẹ́rin ló kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń gba fídíò náà lọ́wọ́ ara wọn lórí WhatsApp, ìyẹn kò tilẹ̀ wọ ìwé ẹnikẹ́ni. Mo bi í pé, "Màmá, ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó ti ń yé e?" Ó ní, "Ó ní òun náà ti ń yáwó kún gbèsè." Ó sọ ọ́ bí ìròyìn ayọ̀, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà, n kò fi orí iye yẹn sùn mọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní n kò wò ó nígbà tó súnmọ́ ẹgbẹ̀rún. Ó di 900 ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Ó rọra ń rìn, méjì lónìí, ẹyọ kan lọ́la, ọjọ́ mìíràn ó dín. WAEC bẹ̀rẹ̀, ó yára. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Karùn-ún, 999 ni mo bá níbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Mo fọ àwo, mo padà, 999 ṣì ni. Mo sùn. Nígbà tí mo jí ní aago márùn-ún, nọ́ńbà náà ti kúrò lójú ìkànnì, "1K" ló kù síbẹ̀, nítorí bí YouTube ṣe ń gé e kúrú nìyẹn bó bá ti pé ẹgbẹ̀rún. Kí n tó délé ẹ̀kọ́, ẹnì méjì ti kúrò, ó ti padà di 998. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó jókòó lókè ẹgbẹ̀rún.

Mo wo ibi tí wọ́n ti wá. Nínú ẹgbẹ̀rún, 402 ló tẹ̀ lé mi láti orí fídíò báà méjì nìkan, èyí tí wọ́n ti wò ní ìgbà 12,300. Ìyẹn ni pé nínú ọgbọ̀n ìgbà tí wọ́n wò ó, ẹnì kan ni yóò tẹ̀ lé mi. Àwọn yòókù gba ìdáhùn wọn, wọ́n lọ. N kò bínú sí wọn.

Àwọn ará yàrá tíṣà béèrè bóyá owó ti ń wọlé. Kò tíì wọlé. Láti ọdún 2018 ni YouTube ti fi lélẹ̀ pé kí ìkànnì tó lè máa pín nínú owó ìpolówó orí fídíò rẹ̀, olùtẹ̀lé rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé 1,000, kí wọ́n sì ti wo fídíò rẹ̀ fún wákàtí 4,000 láàárín oṣù méjìlá. Lóòótọ́, ọ̀nà fídíò kéékèèké Shorts wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù mẹ́wàá ìgbà ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, ìyẹn kì í ṣe fún ẹni tó ń kọ́ èèyàn ní lọ́gù. Wákàtí 1,510 ni mo ní. Fídíò mi kúrú nítorí pé ìbéèrè náà kúrú. N kò ní fà á gùn kí wákàtí lè pé.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sórí fèrèsé dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, "Mà, mo ti wo ti báà méjì. Tó bá wá jẹ́ báà mẹ́rin ńkọ́? Mo yá ọ̀kan kún un, ó di márùn-ún, kò ṣì pín sí mẹ́ta."

Mo wò ó. N kò sọ èyí nínú fídíò yẹn. Ọ̀kan ni mo ní kí baba náà yá, mi ò sọ fún wọn pé ó lè gbà ju ọ̀kan lọ.

Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àpótí sẹ́bàá fèrèsé, mo dojú fóònù dé e, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Mo kí wọn ní gbólóhùn kan. Mo kọ 4̄.7310 ÷ 3 sórí ìwé, mo ní: gbèsè mẹ́rin rèé, ẹni mẹ́ta ló fẹ́ pín in, yíyá náírà kan kò ní tó, ẹ jẹ́ kí a yá méjì.